Bí a ṣe ń wọn ìgùn ìgbì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lójú òrùka gíráfáìtì

Ní ọdún 1924, Louis de Broglie kọ ọ́ sínú ìwé àṣekágbá rẹ̀ ní Yunifásítì Paris pé ohunkóhun tó bá ń rìn ní ìgbì tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgùn ìgbì náà, ẹ fi mòméntọ́ọ̀mù ohun tó ń rìn pín òǹkà Planck:

```
λ = h / p
```

Nígbà tó kọ ọ́, kò sẹ́ni tó tíì fojú rí i. Ọdún 1927 ni ẹ̀rí jáde láti ibi méjì tó jìnnà síra. Clinton Davisson àti Lester Germer rí i lára nikẹ́ẹ̀lì ní New York; George Paget Thomson àti Alexander Reid rí i ní Aberdeen, ní Scotland, nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gba inú awẹ́ sẹ́lúlọ́ìdì tín-ín-rín kọjá. Ọ̀nà ti Thomson ni a máa tọ̀ níbí, àmọ́ gíráfáìtì la máa lò. Túùbù tí a fi ń ṣe é kò tóbi ju ohun tí tábìlì yàrá ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ lè gbà, rúlà lásán sì ni a fi ń wọn èsì rẹ̀.

Ohun tí a ń lé ni pé a fẹ́ rí ìgùn ìgbì kan náà láti ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn rí. Ọ̀nà kìíní, a ṣírò rẹ̀ láti inú fóltì tó lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré. Ọ̀nà kejì, a wọ̀n ọ́n lára òrùka tó yọ lójú gíláàsì. Bí méjèèjì bá pàdé, ẹ̀rí nìyẹn. Bí wọn kò bá pàdé, ó ní ibi tí nǹkan ti yẹ̀, a ó sì rí bí a ṣe ń wá a.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

Túùbù ni àkọ́kọ́. Ìgò gíláàsì ni, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ní ọrùn rẹ̀ ni fílámẹ́ǹtì wà, èyí tí yóò gbóná tí yóò sì máa tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni ánóòdù wà, tí yóò fà wọ́n sáré. Ní ẹnu ánóòdù yìí ni wọ́n na awẹ́ gíráfáìtì tín-ín-rín sí, lórí àwọ̀n kékeré tó gbé e dúró. Ikùn ìgò tó kọjú sí wa ni wọ́n fi ohun kan kùn nínú, tó máa ń tàn bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá bà á. Àwọ̀ ewé ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ tún nílò ẹ̀rọ tó lè gbé fóltì láti 0 dé 5000, tí ẹ lè yí sókè sódò díẹ̀díẹ̀; iná fóltì 6.3 fún fílámẹ́ǹtì. Mítà tó lè ka fóltì gíga. Mítà tó lè ka mílíámípìà. Rúlà tó ṣeé tẹ̀ tàbí kálípà oníke. Àti òòfà kékeré kan. Yàrá tó ṣókùnkùn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, torí òrùka ìta kì í tàn tó ti inú.

Òǹkà méjì ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó tan ohunkóhun. Èkíní ni L, ìyẹn bí ojú gíláàsì ṣe jìnnà sí gíráfáìtì. Túùbù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, inú ìwé rẹ̀ lẹ máa rí i. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, 135 mm la máa lò. Ẹ má ṣe fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ìta, nítorí inú ọrùn ni gíráfáìtì wà, kò sì rọrùn láti mọ ibi tó dúró sí gan-an.

Èkejì ni d, àlàfo tó wà láàárín ẹsẹẹsẹ átọ́ọ̀mù inú gíráfáìtì. Átọ́ọ̀mù kábọ̀nù inú gíráfáìtì to ara wọn ní igun mẹ́fà-mẹ́fà, bí afárá oyin. Tí ẹ bá wo irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó rí ẹsẹ̀ átọ́ọ̀mù tó fi 213 pm jìnnà síra. Tí ẹ bá yí orí díẹ̀, ẹ ó rí òmíràn tó fi 123 pm jìnnà síra. (Píkómítà kan, pm, ni mítà kan tí a pín sí tírílíọ̀nù kan.) Ìtànṣán ẹ́ksíréè ni wọ́n fi wọn àlàfo wọ̀nyí, kì í ṣe ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ká ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n ni, ẹ̀rí wa ì bá máa jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò

Ẹ ṣírò ìgùn ìgbì kí ẹ tó tan túùbù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọn òrùka tán kó tó ṣírò, ọwọ́ rẹ̀ á máa fa ìṣirò síbi tí rúlà fẹ́. Ẹ kọ èsì ìṣirò sílẹ̀, ẹ dà á dé, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Fóltì U fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní agbára tó jẹ́ eU. Agbára yẹn ló di eré rẹ̀, òun náà ló sì bí mòméntọ́ọ̀mù:

```
p = √(2 · m · e · U)
λ = h / √(2 · m · e · U)
```

Ẹ jẹ́ ká fi fóltì 4000 ṣe é. e, ìyẹn iná ara ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, jẹ́ 1.602 × 10⁻¹⁹ C; m, ìwúwo rẹ̀, jẹ́ 9.109 × 10⁻³¹ kg; h, òǹkà Planck, sì jẹ́ 6.626 × 10⁻³⁴ J·s. Agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan yóò jẹ́ 6.408 × 10⁻¹⁶ J. Tí ẹ bá fi 2m sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 1.167 × 10⁻⁴⁵. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 3.417 × 10⁻²³ kg·m/s, mòméntọ́ọ̀mù nìyẹn. Ẹ wá fi pín h:

```
λ = 6.626e-34 / 3.417e-23 = 1.94e-11 m = 19.4 pm
```

Bí ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan báyìí, kò sídìí láti máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Gbogbo ohun tí kì í yí padà papọ̀ di òǹkà kan ṣoṣo:

```
λ (pm) = 1226 / √U
```

U yìí, fóltì ni o, kì í ṣe kílófóltì. Ẹni tó bá fi 4 síbẹ̀ dípò 4000 yóò rí 613 pm, èyí tó gùn ju àlàfo átọ́ọ̀mù inú gíráfáìtì lọ pátápátá. Kò sí òrùka kankan tó lè yọ láti inú ìyẹn. Àmì àṣìṣe yìí rọrùn láti dá mọ̀: ìgùn ìgbì tí ẹ ń wá gbọ́dọ̀ wà láàárín 17 pm (fóltì 5000) àti 27 pm (fóltì 2000).

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ so wáyà, ẹ jẹ́ kí fílámẹ́ǹtì gbóná

Ẹ yí ẹ̀rọ fóltì gíga sí 0, kí ẹ pa á, kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Fóltì 5000 kì í ṣe ohun tí a ń dán wò. Ẹ lo wáyà tí rọ́bà ara rẹ̀ nípọn tó fún fóltì gíga, kí ẹ̀rọ tí ẹ ó lò sì jẹ́ èyí tí kò lè tì ju ìwọ̀n iná díẹ̀ lọ.

Ẹ tẹ̀lé àwòrán tó bá túùbù yín wá. Ní gbogbogbòò, fóltì 6.3 lọ sí fílámẹ́ǹtì, ẹnu òdì ẹ̀rọ fóltì gíga lọ sí ẹ̀gbẹ́ fílámẹ́ǹtì, ẹnu kejì sì lọ sí ánóòdù, mítà mílíámípìà sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ tan fílámẹ́ǹtì nìkan, ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa gbé fóltì gíga sókè díẹ̀díẹ̀.

Bí fóltì ṣe ń sún mọ́ 2500, ẹ ó rí àmì kan tó ń tàn yòò láàárín gíláàsì, òrùka méjì sì yí i ká. Àmì àárín yẹn ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kọjá tààrà láìyà. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa jó ojú kan pẹ́ títí, torí ó máa ń sun ohun tí wọ́n fi kun gíláàsì, ojú ibẹ̀ á sì dúdú, kò sì ní tàn mọ́ láéláé. Ẹ máa wo mítà mílíámípìà náà: kó má kọjá 0.2 mA, tàbí iye tó kéré jùyẹn tí ìwé túùbù bá sọ. Tí ẹ bá rí i pé gíráfáìtì fúnra rẹ̀ ń pọ́n bí ẹyin iná, ẹ sọ fóltì kalẹ̀ kíá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, á lu. Ẹ má sì gbé fóltì kọjá 5000, torí láti ibẹ̀ lọ ni ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí tú ẹ́ksíréè tó ní láárí.

Ìdí tó fi jẹ́ òrùka, tí kì í ṣe àmì tótòtó, ni pé gíráfáìtì inú túùbù kì í ṣe kírísítálì kan ṣoṣo. Kírísítálì wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà ni, oníkálukú kọjú síbi tó wù ú. Kírísítálì kan ṣoṣo ì bá ju àmì bíi mélòó kan sí gíláàsì. Nígbà tí àìlóǹkà wọn kọjú síbi gbogbo, àmì wọn so kọ́ra, ó di òrùka. Òrùka inú wá láti àlàfo 213 pm, ti ìta wá láti 123 pm. Àlàfo tó kéré ló ń bí òrùka tó tóbi. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dà á kọ, a ó rí i nísàlẹ̀ bí ẹ ṣe lè mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ wọn òrùka

Ẹ pa iná yàrá. Ẹ wọn òrùka láti etí kan dé etí kejì, kí rúlà gba àárín àmì tó ń tàn kọjá; ìyẹn ni fífẹ̀ òrùka, D. Òrùka náà nípọn díẹ̀, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín nínípọn rẹ̀ ní apá ọ̀tún dé àárín nínípọn rẹ̀ ní apá òsì. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti etí òde sí etí òde, gbogbo èsì yín á tóbi jù, ní ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo, gíráàfù kò sì ní fi hàn yín pé nǹkan ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún wọ̀n ọ́n lóròó. Bí ti ìbú àti ti òró bá fi ju 1 mm lọ yàtọ̀ síra, ó ṣeé ṣe kí òòfà tàbí irin kan wà nítòsí. Ẹ gbé e kúrò, ẹ tún un wọ̀n.

Ẹ wọn méjèèjì ní fóltì mẹ́rin ó kéré tán. Ká ní a ka àwọn wọ̀nyí lójú túùbù wa, ní mílímítà:

```
U (V)    D inú    D ìta
2500     31       52.5
3000     28       48
4000     24.5     42
5000     22       37.5
```

Níbi tí iná ọba ti ń gòkè tó tún ń sọ̀, ẹ ó rí òrùka tó ń fẹ̀ tó ń sún kì bí ẹni ń mí. Túùbù kò ní àìsàn kankan. Fóltì ló ń mì. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ohun tó ń tọ́jú fóltì, tàbí kí ẹni kan máa ka mítà sókè lásìkò tí ẹni kejì ń fi rúlà lélẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: láti òrùka sí ìgùn ìgbì

Bí ìgbì bá bá ẹsẹẹsẹ átọ́ọ̀mù pàdé, apá tó padà láti ẹsẹ̀ kan àti apá tó padà láti ẹsẹ̀ kejì yóò ran ara wọn lọ́wọ́ níbi igun kan pàtó, ibòmíràn wọ́n á pa ara wọn. Igun yẹn ni òfin Bragg sọ:

```
2 · d · sin θ = λ
```

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyí. θ ni igun tí ìgbì fi kọlu ẹsẹ̀ átọ́ọ̀mù. Àmọ́ igun tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi yà kúrò lójú ọ̀nà tààrà, èyí tí a rí lójú gíláàsì, 2θ ni. Bí ẹ bá mú igun ojú gíláàsì, tí ẹ fi í sípò θ láìpín in sí méjì, ìgùn ìgbì yín á tó ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. Tí èsì yín bá jẹ́ 39 pm níbi tó yẹ kó jẹ́ 19.4, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá fi gbogbo D sípò ìdajì rẹ̀.

Igun wọ̀nyí kéré, nítorí náà a lè gé ìṣirò kúrú:

```
λ ≈ d · D / (2 · L)
```

Ní fóltì 4000, òrùka inú: 213 × 24.5 ÷ 270 jẹ́ 19.3 pm. Òrùka ìta: 123 × 42 ÷ 270 jẹ́ 19.1 pm. Ìṣirò tí a dà dé sọ pé 19.4. Òǹkà kan wá láti fóltì àti ìwúwo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èkejì wá láti rúlà àti àlàfo átọ́ọ̀mù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àlàfo láàárín wọn.

Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí pé ti ìta kéré díẹ̀ ju ti inú lọ. Ní fóltì 2500 ó tún hàn jùyẹn lọ: òrùka ìta fún wa ní 23.9 pm, nígbà tí ìṣirò sọ pé 24.5. Kì í ṣe ọwọ́ yín ló gbọ̀n. Ojú gíláàsì kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó rọ bí bọ́ọ̀lù, òrùka tó bá sì jìnnà sí àárín bá gíláàsì níbi tó ti tẹ̀ wá sẹ́yìn, nítorí náà ó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí túùbù yín bá jẹ́ èyí tí gíráfáìtì wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù gíláàsì gan-an, tí L sì jẹ́ gbogbo fífẹ̀ bọ́ọ̀lù náà, ẹ lè tún un ṣe báyìí:

```
sin(4θ) = D / L
λ = 2 · d · sin θ
```

Ní fóltì 4000, òrùka ìta: 42 ÷ 135 jẹ́ 0.311, nítorí náà 4θ jẹ́ digíríì 18.1, θ jẹ́ 4.53, λ sì jẹ́ 19.4 pm. Òrùka inú náà gòkè sí 19.4. Ìyàtọ̀ ti pòórá. Bí túùbù yín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dúró lórí ìṣirò kúkúrú, ẹ gbára lé òrùka inú ju ti ìta lọ ní fóltì kékeré.

Nípa iye tó yẹ kí ẹ fọkàn tán: rúlà kì í dára ju 1 mm lọ lójú gíláàsì tó rọ. 1 mm lórí 24.5 jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá kọ 19.33 pm sílẹ̀ bí ẹni pé òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá a lójú ń tan ara rẹ̀ jẹ. 19 pm, kó fi 1 kún un tàbí kó yọ ọ́, ló tọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ 5: ibi tí ẹ̀rí gan-an wà

Òrùka nìkan kò tó láti sọ pé ìgbì ni. Ẹnì kan lè ní agbára iná kan ló wà nínú gíráfáìtì tó ń ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni ta òkúta kan. Ohun tó máa já irọ́ yìí ni bí òrùka ṣe ń sún kì bí fóltì ṣe ń gòkè.

Bí agbára iná bá ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń kọjá, igun tó máa yà máa ń dínkù gẹ́gẹ́ bí U fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ti fóltì láti 2500 dé 5000, òrùka gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìdajì: 31 á di 15.5. De Broglie ní tirẹ̀ sọ pé ìgùn ìgbì ń dínkù gẹ́gẹ́ bí √U. 31 gbọ́dọ̀ di 21.9. A ka 22. Ìyàtọ̀ láàárín 15.5 àti 22 kì í ṣe ohun tí a lè fi àṣìṣe rúlà dá láre.

Ẹ fi gbogbo fóltì dán an wò. Ẹ sọ D di púpọ̀ pẹ̀lú √U; bí de Broglie bá tọ̀nà, èsì á dúró lójú kan:

```
2500:  31   × 50.00 = 1550
3000:  28   × 54.77 = 1534
4000:  24.5 × 63.25 = 1550
5000:  22   × 70.71 = 1556
```

Ó dúró. Tí ti yín bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ kọ́kọ́ fura sí fóltì. Ọ̀pọ̀ ètò ló ní rẹ̀sísítọ̀ ààbò láàárín ẹ̀rọ àti ánóòdù. Bí mítà bá wà níwájú rẹ̀sísítọ̀ náà, ohun tí ẹ ń kà kọ́ ló dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ká ní rẹ̀sísítọ̀ 1 MΩ ni, tí 0.1 mA sì ń gba inú rẹ̀: fóltì 100 ti sọnù sójú ọ̀nà. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó ṣírò, tàbí kí ẹ gbé mítà sí ẹ̀gbẹ́ túùbù.

Ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ lè ní dúró ná, agbára òòfà náà máa ń ya ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gẹ́gẹ́ bí √U. Òótọ́ ni, kò sì yẹ ká gbójú fò ó. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò nǹkan méjì míràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òrùka inú pín ti ìta: 42 ÷ 24.5 jẹ́ 1.71, 37.5 ÷ 22 jẹ́ 1.70. Ètò onígun mẹ́fà sọ pé √3, ìyẹn 1.73, gan-an bí 213 ṣe rí sí 123. Kò sí ìdí tí agbára òòfà kan fi máa mọ igun mẹ́fà kábọ̀nù. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ 0.58, ẹ ti fi òrùka ìta pín ti inú; bí ìgùn ìgbì láti òrùka méjèèjì bá fi ìlọ́po mẹ́ta yàtọ̀, ẹ ti gbé 123 fún òrùka inú.

Èkejì ni òǹkà Planck fúnra rẹ̀. Ẹ mú 1550 yẹn, tó jẹ́ 1.55 nígbà tí a bá fi mítà kà á:

```
h = (d · 1.55 / (2 · L)) · √(2 · m · e)
  = (213e-12 · 1.55 / 0.270) · 5.402e-25
  = 6.61e-34 J·s
```

Òǹkà tí wọ́n kọ́kọ́ rí láti ara ìmọ́lẹ̀ àti ooru ló tún yọ láti ara rúlà tí a fi lé òrùka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Èyí ni èmi gbà pé ó wúwo jù nínú gbogbo ìdánwò yìí. Ẹ kàn rántí pé tí ẹ bá fi òrùka wá h, ẹ kò tún lè fi h yẹn kan náà ṣírò λ kí ẹ wá sọ pé wọ́n bára mu.

Ìgbésẹ̀ 6: òòfà, àti iná tó rẹlẹ̀

Ẹ ti òòfà kékeré sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìgò, díẹ̀díẹ̀. Àmì àárín á sún, òrùka méjèèjì á sì bá a lọ pọ̀, bí ẹni pé okùn kan ló dè wọ́n. Thomson náà wo èyí. Ẹ́ksíréè pẹ̀lú máa ń ju òrùka bí irú èyí láti inú kírísítálì wẹ́wẹ́, ẹnì kan sì lè ní ẹ́ksíréè tó ti ara gíráfáìtì jáde la rí. Àmọ́ òòfà kì í mì ẹ́ksíréè. Níwọ̀n ìgbà tí òrùka bá òòfà lọ, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra wọn ló ya òrùka.

Lẹ́yìn náà ẹ gbé òòfà kúrò, ẹ dín ooru fílámẹ́ǹtì kù díẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí fóltì gíga dúró bó ṣe wà. Òrùka á ṣú, fífẹ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń kọjá ti dínkù, síbẹ̀ ibi tí wọ́n ń lọ kò yàtọ̀. Nítorí náà kì í ṣe títì tí wọ́n ń ti ara wọn ló ń ya òrùka. Tí fífẹ̀ bá yí padà, ẹ wo mítà fóltì: nígbà tí iná tó ń kọjá dínkù, fóltì tó ń sọnù sínú rẹ̀sísítọ̀ ààbò náà dínkù, ánóòdù sì gba kún tirẹ̀.

Tí òrùka kò bá yọ

Bí àmì àárín bá wà tí òrùka kò sí, ó sábà jẹ́ pé fóltì kéré jù tàbí pé yàrá mọ́lẹ̀ jù. Bí apá kan òrùka bá tàn tí apá kejì ṣókùnkùn, ìtànṣán kò gba àárín gíráfáìtì. Àwọn túùbù kan ní òòfà kékeré lọ́rùn tí a fi ń darí rẹ̀, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí òrùka á fi pé. Bí òrùka bá rọ́ di tótòtó ní ibi kan, ìtànṣán ti bọ́ sórí ibi tí kírísítálì ti tóbi tí wọn kò sì pọ̀. Ẹ sún un. Bó bá sì jẹ́ pé àmì àárín ń tàn gan-an, tí òrùka tó wà níbẹ̀ lánàá kò sí lónìí, ó ṣeé ṣe kí gíráfáìtì ti lu. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn.

Ibi tí 1226 / √U ti ń dópin

Fún fóltì kékeré, ìlànà yìí kò ní ìṣòro. Davisson àti Germer lo fóltì 54 péré lórí nikẹ́ẹ̀lì: 1226 ÷ √54 jẹ́ 167 pm, igun digíríì 50 tí wọ́n rí sì fún wọn ní 165 pm. Ní 5000, eré ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìlànà Einstein fi ń wọ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ìyàtọ̀ tó mú wá kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Rúlà kò lè rí i. Ẹni tó bá ń lọ sídìí máíkírósíkópù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń lo fóltì 100,000 ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Níbẹ̀, 1226 / √U fún un ní 3.88 pm, ohun tó wà níbẹ̀ gan-an sì jẹ́ 3.70. Ìlànà tó yẹ kó lò nìyí:

```
λ (pm) = 1226 / √(U · (1 + 0.978e-6 · U))
```